Omi Tó Jò Sórí Àjà Ará Ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ayálégbé Àbújá

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni, ní Kúbúwà. Arábìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń gbé òkè, màmá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi kò sí. Arábìnrin náà ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tú jáde níbẹ̀. Ó fi omi inú kẹ́ẹ̀gì bọ́jú, ó kó abọ́ alẹ́ àná sínú síǹkì, ó bá ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ. Kò rántí dé ẹ̀rọ omi náà padà.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, iná dé. Ẹni tó ń mójú tó ilé tan ẹ̀rọ tó ń fa omi bóóhòlù, táǹkì kún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú síǹkì tí kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn àti èérún ìrẹsì ti dí ojú ihò tí omi ń gbà lọ. Tí ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì líta 25 sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń dà dáadáa, á kún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta ni omi yìí fi dà kí wọ́n tó pe arábìnrin náà lórí fóònù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́ta kẹ́ẹ̀gì. Kódà bí ìdajì rẹ̀ bá rí ihò síǹkì gbà lọ, ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì ló dà sílẹ̀ ilé, tó wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ.

Àforíjì arábìnrin yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti bí ó ṣe fẹ́ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe láti inú àpò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ rí kó má baà di gbèsè tí kò lópin fún ẹni tó bẹ̀bẹ̀, kó má sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán létí ẹni tó ni ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná ló kọ́kọ́ ṣe kókó. Omi tó gba ara dẹ́kì kọjá sábà máa ń wá ojú ihò tí wáyà iná gbà wọlé, ibẹ̀ ló ti ń kán. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí arábìnrin náà sọ fún màmá ìsàlẹ̀ lórí fóònù ni pé kó fi ọwọ́ gbígbẹ pa bíréékà yàrá ìjókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì tan iná ibẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Èkejì ni pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ibi tí àjà ti wú. Píòpí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe àjà l'Ábùjá máa ń gba omi sórí bí àtẹ, yóò fẹ́ ikùn sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà yóò já lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá ti kú pátápátá, ẹnì kan lè dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó fi ohun ẹlẹ́nu ṣónṣó lu ihò kékeré sí ibi tó wú jù, kó gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí omi rí ọ̀nà sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn máa ń gba ìyókù àjà náà là.

Nígbà tí arábìnrin náà délé, ìsàlẹ̀ ló yà kó tó gun òkè lọ wo tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí láàárọ̀. Mo ba àjà yín jẹ́, mo sì ba ìrọ̀lẹ́ yín jẹ́."

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Èdè wa fún wa ní ọ̀nà méjì láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. A lè ní "àjà yín bàjẹ́", a sì lè ní "mo ba àjà yín jẹ́". Nínú ti àkọ́kọ́, àjà ló dá nìkan ṣe ara rẹ̀ léṣe, kò sí ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí omi dà sórí àga rẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ náà kíá. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé "omi ló ṣàdédé dé" tàbí "ẹ wò ó, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn", kí wọ́n tó wá fi "ẹ má bínú" lé e. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú kí ẹni tí a ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bó ṣe máa fi hàn pé ọwọ́ wa ló ti wá, ibẹ̀ sì ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ "èmi ni" ní gbólóhùn kìíní, kò sóhun tí wọ́n tún fẹ́ fi hàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sórí àtúnṣe.

Lẹ́yìn ti màmá, ó kan onílé. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, onílé lè máa gbé nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ ó mú àgbàlagbà kan dání, ẹ ó lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, wọn á bá yín bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Àbújá yàtọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò l'Ékòó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìlú tí ará ibi gbogbo ń wá jókòó sí ni. Onílé lè wà ní Kánò tàbí Ẹ̀nugù, ajẹ́ǹtì ló ń bá a gba owó ilé, ẹlòmíràn ló ń mójú tó ọgbà. Ọ̀rọ̀ yóò gba ẹnu mẹ́ta kọjá kó tó dé etí ẹni tó ni ín, ẹnu kọ̀ọ̀kan yóò sì fi díẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ pè é ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó gbọ́ ohùn yín kó tó gbọ́ ti ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wasáàpù tó. Láti ìgbà tí òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ti wà, ilé-ẹjọ́ lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé bí a bá tẹ̀lé ìlànà tí abala 84 rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ kọ níbẹ̀ lè gbè yín, ó sì lè mú yín.

Ohun tí arábìnrin wa kọ ránṣẹ́ nìyí:

"Àlájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ayálégbé yín tó wà lókè ní Kúbúwà. Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàgbé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ní ṣíṣí nígbà tí omi kò sí. Nígbà tí omi dé, ó kún, ó sì jò sórí àjà yàrá ìjókòó ìsàlẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo rí pé ó bàjẹ́ ni píòpí, níbi tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, tó sì fẹ̀ tó mítà kan, àti iná àjà kan ṣoṣo. A ti pa iná ibẹ̀, oníṣẹ́ iná yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Mo fẹ́ fi owó ara mi tún àjà àti iná yìí ṣe, kí n sì kun àjà yàrá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wá oníṣẹ́ ni, àbí ẹ ní ẹni tí ẹ máa ń lò? N kò ní jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan fọwọ́ kan àjà náà kí n tó gbọ́ èsì yín. Mo fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí."

Kò gùn, kò sì sunkún. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ ohun tí òun ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é. Ó wọn ibi tó bàjẹ́. Ó dárúkọ ohun tí òun yóò tún ṣe, kò sì kọ "gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé". Ó bi onílé ní ìbéèrè tó ń fi hàn pé ilé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ "gbogbo ohun tó bá bàjẹ́" ti fi ìwé tí kò kọ iye owó sí lé onílé lọ́wọ́. Ẹ ó rí ohun tí ìyẹn lè fà láìpẹ́.

Kí wá ni òfin sọ pé ó jẹ? Òfin tó dá lórí gbígba ilé padà lọ́wọ́ ayálégbé l'Ábùjá wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lé èèyàn jáde àti owó ilé ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti àtúnṣe, inú ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí lẹ ti máa rí i. Púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé kí ayálégbé tọ́jú inú ilé, yàtọ̀ sí ohun tó gbó nítorí lílò àti ọjọ́ orí. Níbi tí ìwé bá ti dákẹ́, àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí ìdájọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1953, ẹjọ́ Warren àti Keen. Onílé kan ló pe ayálégbé rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kó san owó àtúnṣe nítorí pé ọ̀rinrin ti ba ògiri jẹ́, igi fèrèsé sì ti ń jẹrà. Adájọ́ Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbè é. Wọ́n ní ayálégbé gbọ́dọ̀ lo ilé bí ẹni tó mọ ilé lò: kó ṣí síǹkì tí ìdọ̀tí tirẹ̀ bá dí, kó má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, kó má sì fi àìbìkítà bà á jẹ́, bóyá òun ni o, ará ilé rẹ̀ ni o, tàbí àlejò rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ba nǹkan jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí ilé, tàbí nítorí ìdí tí kì í ṣe tirẹ̀, kò kàn án. Ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa níhìn-ín, àmọ́ wọ́n máa ń wò ó.

Ẹ gbé ìyẹn lé orí ilé Kúbúwà. Ẹ̀rọ omi tí a gbàgbé, síǹkì tí ìrẹsì dí: àìbìkítà ni, àní bí kò tilẹ̀ sí èrò ibi nínú rẹ̀. Arábìnrin náà jẹ onílé ní àjà àti iná, ó sì jẹ màmá ìsàlẹ̀ ní ohun ìní tirẹ̀ tí omi bà jẹ́. Gbèsè méjì ni, ẹni méjì ló ni wọ́n. Èyí tí à ń san fún onílé kò pa ti aládùúgbò rẹ́. Timutimu àga méjì ló rin nílé màmá. Arábìnrin náà gbé wọn lọ fún afọṣọ, ó sì gbé wọn padà wá ní gbígbẹ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, oníṣẹ́ tí ajẹ́ǹtì rán wá dé. Ó gbójú sókè wo àjà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní gbogbo píòpí yàrá ìjókòó ni kí wọ́n wó lulẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó ilé náà tún fi kún un pé àmì omi kan wà ní àjà báluwẹ̀ ìsàlẹ̀, kí arábìnrin náà ṣe é pọ̀ mọ́ ti yàrá ìjókòó. Ibí yìí ni ẹni tó ti kọ "gbogbo ohun tó bá bàjẹ́" yóò ti há.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì báluwẹ̀. Omi tó dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń fi àmì kan sílẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló máa ń dúdú bí etí ife tíì. Omi tó ti ń jò tipẹ́ máa ń yí òrùka ká òrùka, nítorí ó ń rin, ó ń gbẹ, ó tún ń rin. Òrùka mẹ́rin ló wà ní àjà báluwẹ̀ yẹn. Arábìnrin náà ní kí wọ́n wò ó pa pọ̀: wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí àmì náà ká, kò sì lo omi nínú báluwẹ̀ tirẹ̀ láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àmì náà ṣì rin kọjá ìlà. Páìpù tó wà nínú dẹ́kì ló ń jò, ti onílé sì ni páìpù tó wà nínú dẹ́kì. Bó ṣe sọ ọ́ dára létí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó wà ní yàrá ìjókòó, tèmi ni, mo ti gbà. Ti báluwẹ̀ yìí, ẹ bá mi sọ fún Àlájì, nítorí ó ṣì ń jò, ó lè burú sí i." Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì gba ẹrù ẹlẹ́rù.

Ti wíwó gbogbo àjà ńkọ́? Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe píòpí máa ń rọ̀ bó bá mu omi, ṣùgbọ́n bí kò bá pẹ́ nínú omi, ó lè gbẹ padà kó sì le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọnú bí ọṣẹ tó rọ̀, ó ti lọ. Bó bá dúró, ẹ fi oríkèé ìka kàn án; èyí tó dára ń dún ko, èyí tó ti já kúrò lára okùn tó so ó mọ́ dẹ́kì ń dún bò, á sì máa mì. Lọ́nà yẹn, wọ́n rí i pé mítà kan ààbọ̀ sí mítà kan náà ló bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí fọ́tò ọjọ́ kìíní ṣe fi hàn. Oníṣẹ́ kejì tó wá wò ó sọ bákan náà. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi tuntun dí i.

Ìkánjú ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tí ojú ń tì máa ń fẹ́ kun ibẹ̀ ní ọ̀la kí gbogbo ènìyàn lè gbàgbé. Ọ̀dà olómi tí a ń pè ní ẹmọ́ṣọ̀n ń tú ìdọ̀tí tí omi kó wá láti ara dẹ́kì, ó sì ń fà á wá sójú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmì pupa rúsúrúsú á tún yọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kan lè tó. Lákòókò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Kí ẹ lè mọ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ náílọ́ọ̀nù funfun kékeré mọ́ ọn, kí ẹ lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pa, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kò tíì gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóròóró kun ojú àmì náà lẹ́ẹ̀kan láti dè é mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹmọ́ṣọ̀n yóò wá lé e. Kí wọ́n sì kun àjà yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Funfun ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kì í ṣe funfun òní mọ́, bí wọ́n bá kun ojú kan ṣoṣo, yóò máa hàn bí àlẹ̀mọ́.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé píòpí pẹ̀lú owó oníṣẹ́ jẹ́ ₦60,000, ọ̀dà àti ẹni tó kùn ún ₦45,000, iná ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Nígbà tí arábìnrin yìí gba ilé, ó ti san owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́. Bí kò bá ṣọ́ra, yóò san ₦120,000 lónìí. Nígbà tó bá ń kó lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ajẹ́ǹtì mìíràn á ṣí ìwé, á rí i pé "omi ba àjà jẹ́" wà níbẹ̀, á sì tún yọ ọ́ nínú kọ́ṣọ̀n. Nítorí náà, ó ní kí ajẹ́ǹtì wá wo iṣẹ́ náà bó ti parí, kó sì kọ ìlà mẹ́ta péré síwèé: ohun tí wọ́n tún ṣe, ọjọ́ tó parí, àti pé owó kọ́ṣọ̀n ṣì pé bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì àwọn oníṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí màmá ní ìrọ̀lẹ́. Ó tan iná fóònù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè rẹ́ àjà náà kọjá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ibi tó wú àti ibi tó sán ṣe máa ń hàn. Ó tọwọ́ kan ibẹ̀, ó gbẹ. Màmá ní kó jókòó, ó bu ẹ̀bà fún un.